Àlọ́ Ìjàpá Nínú Ìṣẹ́jú Kan

Bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán ní àsẹ́ńbìlì, tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ka ẹ̀jẹ́, tí ọ̀gá ilé-ìwé sì ti kéde owó ìwé àti ọjọ́ ìdánwò, àkókò tó kù fún kíláàsì tí ètò kàn lọ́jọ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Oòrùn ti ń ta, àwọn ọmọ kéékèèké tó wà níwájú ti ń fi bàtà ya ilẹ̀, aago iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti fẹ́ lù. Inú ìṣẹ́jú kan yẹn ni tíṣà ti máa ń ní kí ọmọ kan jáde wá pàlọ́.

Bẹ́ẹ̀, nǹkan alẹ́ ni àlọ́. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n pa á lọ́sàn-án, torí iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń jókòó tì í, kò sì sẹ́ni tó ń wo aago. Apàlọ́ lè sọ̀rọ̀ ìyàn títí kó tó dárúkọ Ìjàpá rárá, ó sì lè kọ orin kan náà lákọtúnkọ títí oorun yóò fi gbé àbíkẹ́yìn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ lọ sí àsẹ́ńbìlì kò lè ṣàì gé e. Ibi gígé yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bà á jẹ́, torí pé díẹ̀díẹ̀ níbi gbogbo la fi ń gé e. A yọ gbólóhùn kan níhìn-ín, a yọ méjì lọ́hùn-ún, gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ṣì pé síbẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó ráyè mí nínú wọn. Ohun tí mo gbà ni pé kí a wá ibi tí àlọ́ náà ti so kókó, kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní odindi, kí a wá gé ìyókù láìṣàánú.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo wa mọ̀, ìdí tí orí Ìjàpá fi pá. Bí wọ́n ṣe máa ń pa á nílé nìyí. Ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko. Ìjàpá sọ fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, pé òun fẹ́ lọ kí àwọn àna òun. Yánníbo kìlọ̀ fún un kó má lọ dójú ti òun. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó sì ń pàdé àwọn ẹranko lọ́nà, tí wọ́n ń kí i, tí ó ń fún wọn lésì. Nígbà tó débẹ̀, àwọn àna rẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n se àsáró fún un (ẹlòmíràn a ní ẹ̀wà ni), ó jẹ, ó yó. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò. Bí ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe jáde lọ pọnmi, ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà, ó sì dé e mọ́rí. Ó ní òun ń lọ. Wọ́n ní àna àwọn kò lè dá lọ, àwọn yóò sìn ín sọ́nà. Ó ní kí wọ́n padà, wọn kò padà. Àsáró ń jó o lórí, wọ́n ń rìn, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ṣí fìlà, àsáró dà sílẹ̀, irun orí sì bá a lọ.

Níbo ni kókó wà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní olè jíjà ni. Èmi kò gbà. Bí ó bá jẹ́ pé olè ni kókó, ẹnì kan ìbá ti mú un níbẹ̀, kí wọ́n nà án, kí ọ̀rọ̀ tán. Nínú àlọ́ yìí, kò sẹ́ni tó mú Ìjàpá, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó fura. Oore tí àwọn àna rẹ̀ ń ṣe fún un ló ń jó o. Bí wọ́n ṣe ń bu ọlá fún un tó ni orí rẹ̀ ń bó tó, kò sì lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dáwọ́ ọlá dúró láìjẹ́ pé ó fẹ́ tú ara rẹ̀ fó. Ohun tó ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín nìyẹn: àwọn mọ ohun tó wà lábẹ́ fìlà, àwọn àna kò mọ̀. Sísìn náà ni kókó. Tí ìṣẹ́jú kan bá wà, ìlàjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ ká ná síbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí a máa ń gbọ́ ní àsẹ́ńbìlì dípò rẹ̀:

"Ní ọjọ́ kan, ìyàn mú, Ìjàpá sì lọ kí àwọn àna rẹ̀. Wọ́n fún un ní àsáró, ó jẹ ẹ́, ó tún jí òmíràn sínú fìlà rẹ̀. Nígbà tí ó ń lọ sílé, àwọn àna rẹ̀ sìn ín, àsáró náà gbóná, ó sì jó o lórí. Ìdí nìyẹn tí orí Ìjàpá fi pá. Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí a má ṣe jalè, kí a má ṣe ọ̀kánjúwà, kí a sì máa gbọ́ràn sí àwọn òbí wa lẹ́nu."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì gùn. Ṣùgbọ́n ìròyìn ni, kì í ṣe àlọ́. Kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sísìn tó yẹ kó gba ìlàjì ìṣẹ́jú di ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Ẹ̀kọ́ ìparí ló wá gùn jù lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ òbí wọlé nígbà tí kò sí òbí kankan tí Ìjàpá ṣàìgbọ́ràn sí. Ọmọ tó bá sì ń fetí sílẹ̀ yóò béèrè pé, "Kí ló dé tí kò kàn ṣí fìlà?" Ìbéèrè yẹn ni ẹ fi máa mọ̀ pé gígé náà kò dáa: ohun kan tí òpin àlọ́ gbọ́kàn lé ti bá gígé lọ tàbí kó ti fara pa mọ́.

Nítorí náà, kí a tó yọ ohunkóhun, ó yẹ ká mọ ohun tí òpin kò lè ṣe láìsí. Nínú àlọ́ yìí, ohun mẹ́ta péré ni. Àna rẹ̀ ni wọ́n, torí ojú tó ń tì í lọ́dọ̀ wọn ni kò jẹ́ kó ṣí fìlà. Àsáró náà gbóná. Inú fìlà tó wà lórí rẹ̀ ló wà. Bí àwọn tó ń gbọ́ bá ti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ìṣẹ́jú-àáyá ogún tó kọjá, gbogbo ìyókù lè lọ.

Agbádá lọ. Àwọn ẹranko ọ̀nà lọ. Yánníbo pàápàá lọ, ó sì dùn mí, torí àwọn ọmọ fẹ́ràn orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan ní ilé àna, ẹni tí a bá sì dárúkọ fún ọmọdé, yóò máa retí rẹ̀ títí àlọ́ yóò fi parí. Ti ìyàn ló gba ìrònú. Ó jọ pé ó ń ran àlọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà kúkúrú, ó ń bà á jẹ́ ni. Bí ìyàn bá mú, tí Ìjàpá sì bu oúnjẹ sínú fìlà, ebi ló ń pa á, àánú rẹ̀ ni ọmọ máa ṣe. Nínú ẹ̀dà gígùn, apàlọ́ ní àyè láti fi hàn wá pé ó ti jẹun yó bámúbámú, kí ọ̀rọ̀ ebi ti kúrò lọ́kàn wa. Nínú ìṣẹ́jú kan, kò sí àyè láti gbé ìyàn wọlé ká tún lé e jáde. Ẹ fi ìyàn sílẹ̀, kí ẹ sì di "ó jẹ, ó yó" mú ṣinṣin. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ló sọ ọ́ di ọlọ́kánjúwà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tí a jogún náà ní láti dín kù. "Ààlọ́ o" àti ìdáhùn rẹ̀ dúró, torí òun ló ń mú kí ogunlọ́gọ̀ ọmọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ju pàṣán tíṣà lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e nípa ibi tí àlọ́ dá lé, àti ìbúra agogo ẹnu tó máa ń parí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró de alẹ́.

Ẹ̀dà tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ nìyí. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà ni àna Ìjàpá.

Apàlọ́: Ààlọ́ o!

Gbogbo ọmọ: Ààlọ̀!

Apàlọ́: Ìjàpá lọ kí àwọn àna rẹ̀. Wọ́n fún un ní àsáró, ó jẹ, ó yó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò. Bí ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe yíjú báyìí, Ìjàpá ṣí fìlà, ó bu àsáró gbígbóná kún un, ó dé e mọ́rí! Ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, mo ń lọ o." Wọ́n ní:

Gbogbo ọmọ: A ó sìn ọ́ sọ́nà!

Apàlọ́: Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Orí ń gbóná. Ìjàpá ní, "Ẹ ṣeun, ẹ padà níbí." Wọ́n ní:

Gbogbo ọmọ: A ó sìn ọ́ sọ́nà!

Apàlọ́: Wọ́n dé ìdí igi ọsàn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà!"

Gbogbo ọmọ: A ó sìn ọ́ sọ́nà!

Apàlọ́: Wọ́n dé odò. Ìjàpá ń jó, ó ń fò. "Ẹ padà!"

Gbogbo ọmọ: A ó sìn ọ́ sọ́nà!

Apàlọ́: Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ká fìlà sọnù. Àsáró dà sílẹ̀. Irun orí rẹ̀ bá a lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ wò ó, orí Ìjàpá pá kodoro!

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu apàlọ́ nìkan kò tó 130. Ọmọ tí kò kánjú, tó ń gbóhùn sókè, yóò ka ìyẹn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 45. Ìdáhùn àwọn ọmọ gba ìyókù. Ẹ má fojú kéré ìdáhùn yẹn: ohùn ọmọ tó pọ̀ kì í bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wà lẹ́yìn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó parí tiwọn, apàlọ́ sì gbọ́dọ̀ dúró dè wọ́n. Tí kò bá dúró, "Wọ́n dé odò" yóò rì sínú ariwo.

Ẹ wo bí àlọ́ náà ṣe ń gòkè. Ibùdó mẹ́ta ló wà, ẹnu ọ̀nà, ìdí igi ọsàn, odò, gbogbo wọn sì jẹ́ ohun tí ọmọ lè fojú inú rí láìsí àlàyé. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí ara Ìjàpá: orí gbóná, omijé bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì ń yí padà. Ti àkọ́kọ́ ní ìwà, ó dúpẹ́ kó tó ní kí wọ́n padà. Ti kejì jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ti ìkẹta jẹ́ igbe, ọ̀rọ̀ méjì péré. Ìdáhùn àwọn àna kò yí padà rárá, ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Ọmọ tó ń pàlọ́ kò ní láti mọ eré ṣe púpọ̀. Bí ó bá ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, ara rẹ̀ yóò máa yára fúnra rẹ̀.

Báwo ni gbogbo ilé-ìwé ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ó dáhùn? Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ kọ́ wọn: "Bí mo bá ti sọ báyìí, kí ẹ dáhùn báyìí." Ìyẹn á jẹ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, á sì tú àṣírí àlọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dáa jù ni kí àwọn ọmọ kíláàsì tó ni ètò ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má tò síwájú bí akọrin, kí wọ́n fọ́n ká sí àárín ìlà àwọn kíláàsì yòókù. Ní ìdáhùn àkọ́kọ́, àwọn nìkan ló máa dáhùn. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yóò ti gbá a mú. Nígbà tí wọ́n bá dé odò, àwọn tíṣà pàápàá ti ń dáhùn.

Ibì kan wà tí ọmọ fi ń ba ẹ̀dà yìí jẹ́ jù: lẹ́yìn "ó dé e mọ́rí." Ibẹ̀ ló yẹ kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, kí gbogbo ojú rí fìlà náà. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já yóò sáré kọjá. Àwọn tó ń gbọ́ kò ní rí àsáró náà lórí rẹ̀, gbogbo ohun tó kù kò sì ní yé wọn. Tí àyè bá wà fún àfikún kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí màá fi síbẹ̀ ni "Ojú ń tì í láti ṣí i," lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà. Ó wúlò fún àwọn ọmọ ìlú ńlá tí wọn kò mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe wúwo tó. Ní abúlé, mi ò rò pé wọ́n nílò rẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ ìparí, mo mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ìwé mìíràn kò ní gbà kí ọmọ sọ̀kalẹ̀ láìsọ ẹ̀kọ́. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá jẹ́ ìdá mẹ́fà gbogbo àkókò tí ẹ ní, ẹ sì máa ná an lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti sọ. Orí tó pá kodoro ti wí i tán. Bí ó bá jẹ́ dandan, kí tíṣà béèrè rẹ̀ ní kíláàsì, kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Orísun àlọ́ náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà ń mú un láti inú ìwé, ìwé sì wà, irú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde ní 1973. Ìwé dára láti fi mọ àlọ́ náà dáadáa àti láti fi ẹ̀dà tirẹ̀ wé èyí tí wọ́n pa fún ọ nílé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí a kọ fún ojú máa ń gùn, ó ń so mọ́ra, "nígbà tí" ń bí "tí ó sì," ọmọ ọdún mẹ́jọ kò sì ní èémí tó láti gbé e dé ìparí níta gbangba. Ẹ ka ìwé náà, ẹ pa á dé, ẹ wá fi ẹnu pa àlọ́ náà fún ọmọ kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹnu yín sọ sílẹ̀. Ohun tí ẹnu gé ló yẹ kó lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ṣe é lórí àga nínú kíláàsì. Ẹ mú ọmọ náà lọ sí pápá, kí ẹnì kan dúró sí ibi tí ìlà tó kẹ́yìn máa ń wà, kó máa nawọ́ sókè nígbàkígbà tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ fi fóònù ka àkókò. Tí ó bá gba ìṣẹ́jú kan géérégé ní ìdánrawò, ó ti gùn jù, torí ẹ̀rín kò sí níbẹ̀, kò sì sí rírìn láti ìlà dé iwájú. Ìṣẹ́jú-àáyá àádọ́ta ló dáa. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ìdí igi ọsàn lódindi, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àti ìdáhùn rẹ̀. Ẹ má yọ ẹnu ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yòókù ti ń mọ ìdáhùn, ẹ má sì fọwọ́ kan odò. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe rárá ni pé kí ẹ ní kí ọmọ náà sáré ka gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ bá sáré, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò pa pọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn kò sì ní mọ ohun tó ń sọ mọ́.

Lẹ́yìn àsẹ́ńbìlì, ẹ pe ọmọ kíláàsì kìíní kan, kí ẹ bi í pé kí ni Ìjàpá ṣe. Bí ó bá ní "Ó jalè," tí ó sì dákẹ́, olè nìkan ló yé e, sísìn kò dé etí rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, tí ó ń ní "Ẹ padà! Ẹ padà!", iṣẹ́ ti parí.

Kì í ṣe gbogbo àlọ́ ló ṣeé gé báyìí. Èyí tí Ìjàpá ti kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèǹgbè, tó gbé e kọ́ àyà, tí kò wá lè gun igi, ṣeé ṣe dáadáa, torí ibì kan ṣoṣo ló ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ ló sì sọ ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀. Èyí tí òun àti Ajá ti lọ jí iṣu náà ṣeé ṣe, torí igbe kan ló ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí Ìjàpá ti jẹ àsèjẹ tí babaláwo fún Yánníbo, tí ikùn tirẹ̀ wá yọ, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ ní àsẹ́ńbìlì. Inú orin ni Ìjàpá ti jẹ́wọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ohun tó ṣe, bí ẹ bá sì gé orin yẹn, kò sí ohun tó kù. Ọ̀sán Jímọ̀ ni kí ẹ fi í sí, nígbà tí iṣẹ́ bá ti tán, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n wá mú wọn lọ sílé.